Ẹ má fi ikú Jàpáánì wé tiwa bẹ́ẹ̀ yẹn

Inú ti ń bí mi láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí pé nínú 1,000 ènìyàn, bíi 13 ló ń kú lọ́dún ní Jàpáánì, tiwa ní Nàìjíríà ò sì ju bíi 12 lọ. Wọ́n ní ilé ìwòsàn wa ò burú tó bí a ṣe ń pariwo. Ẹ wo bí àwọn ẹbí ṣe ń pàtẹ́wọ́!

Iye yẹn kì í kúkú ṣe irọ́. Fífi tí wọ́n fi wéra lásán ló bí mi nínú. Ní Jàpáánì, bíi 29 nínú 100 ló ti pé ọmọ ọdún 65. Tiwa ò ju bíi 3. Ilé tí àgbà pọ̀ sí, ṣé kò ní máa sìnkú ni? Ṣùgbọ́n nínú 1,000 ọmọ tí a bá bí níbí, ó lé ní 100 tó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Tiwọn ò ju bíi 2.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi ìlú méjì ṣe àpẹẹrẹ, 10,000 ènìyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ìlú kìíní ní ọ̀dọ́ 9,000 àti àgbà 1,000. Nínú 1,000 ọ̀dọ́, 5 ń kú. Nínú 1,000 àgbà, 60. Àpapọ̀ òkú jẹ́ 105. Ìlú kejì ní ọ̀dọ́ 6,000 àti àgbà 4,000. Ọ̀dọ́ 2 péré ló ń kú nínú 1,000, àgbà 40. Síbẹ̀ òkú wọn jẹ́ 172! Ìlú tí ikú ò fi bẹ́ẹ̀ pa ọ̀dọ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa àgbà, òun ló wá dà bí ìlú ikú.

Ẹ wá gbé ìwọ̀n ikú ìlú kọ̀ọ̀kan lé orí iye ènìyàn kan náà, ọ̀dọ́ 8,000, àgbà 2,000. Òkú ìlú kìíní di 160, ti ìkejì di 96. Ọ̀rọ̀ yí padà.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló yan 8,000 àti 2,000 yẹn?"

Mo dán ọ̀dọ́ 5,000 àti àgbà 5,000 wò. Ó di 325 àti 210. Ìlú kejì ṣì dára jù, àmọ́ òkú ìlú kìíní tó fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ju ìkejì lọ tẹ́lẹ̀ wá fi díẹ̀ lé ní ìdajì jù ú lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Amẹ́ríkà: nígbà tí wọ́n fi iye ọ̀dọ́ àti àgbà wọn ní ọdún 2000 rọ́pò ti 1940 tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ìlọ́po tí ikú aláwọ̀ dúdú fi ju ti aláwọ̀ funfun lọ kéré sí i lórí ìwé. Òkú kankan ò sì jí dìde.

Mo dá Bàbá lóhùn pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iye ọ̀dọ́ àti àgbà tiwọn tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Nínú èyí, àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 jẹ́ bíi 8 nínú 100. Bàbá ní, "Èyí ò jọ Jàpáánì, kò sì jọ wa." Mi ò tíì rí èsì fọ̀ fún wọn.