Ẹ Fi 1:6 àti 1:8 Sílẹ̀, Ẹ Wo Ayùn Yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ládùúgbò wa wá yá ayùn lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé kí ló fẹ́ gé. Ó ní dọ́fútéèlì ni, ìyẹn oríkèé tí eyín pátákó méjì fi ń há mọ́ra, fún igun dúrọ́wà. Mo na ayùn sí i, kò gbà á. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní irin tí wọ́n fi ń fa ìlà 1:6? Ti ọ̀gá mi, 1:8 ni, arère sì ni mo fẹ́ lò. Wọ́n ní tí mo bá fi 1:8 gé arère, á tú." Ó ti di ọjọ́ kẹta tó ti ń wá irin yìí kiri. Nítorí dúrọ́wà kan ṣoṣo!

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí igi bá le, kí ìlà ìrù, eyín dọ́fútéèlì tó fẹ̀ lórí ju ìdí lọ, fì ní 1:8, ìyẹn ni pé tó o bá fi sọ̀kalẹ̀ lọ́nà 8, kó o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́nà 1. Bí igi bá rọ̀, kó jẹ́ 1:6. Ẹni tó bá sì ṣì í, dúrọ́wà rẹ̀ á já. Gbogbo ẹni tó sọ ọ́ fún mi ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì tàbí tó kà á nínú ìwé. Kò sẹ́nìkan nínú wọn tó gbé dúrọ́wà tó tú nítorí 1:8 wá bá mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ dúrọ́wà tó ga ní 120 mìlímítà, tó nípọn ní 12, ẹ̀yìn dúrọ́wà náà sì nípọn ní 12. Ẹ fi géèjì fa ìlà ìdí yí pátákó ká ní 12 mìlímítà sí orí. Ẹ fi 6 sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àlàfo méjì tó jẹ́ 6-6 pín ìyókù sí ìrù mẹ́ta. Ìrù kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní 32 lórí. Tẹ́ ẹ bá lo 1:6, ìdí ìrù náà á fẹ̀ ní 28. Tẹ́ ẹ bá lo 1:8, á fẹ̀ ní 29. Mìlímítà kan ṣoṣo, ìdajì sí ọ̀tún, ìdajì sí òsì. Òun ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ipa ayùn mi gan-an fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ti igi líle àti igi rírọ̀ yẹn tilẹ̀ tún wá ń pa mí lẹ́rìn-ín. Arère tí wọ́n ń pè ní igi rírọ̀ yìí, ẹ̀yà igi tí ìwé àwọn òyìnbó ń pè ní líle ló wà, torí igi eléwé fífẹ̀ ni, kì í ṣe igi eléwé bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n èékánná lásán lẹ lè fi tẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò nínú ìsọ̀ pákó ní Bódìjà, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé òfin kan náà ló yẹ kó kan àwọn méjèèjì.

Ìdí tó lágbára jù lọ nìyí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fojú fo ó. Nígbà tá a bá ti gé ìrù tán, a kì í tún wọn ìwọ̀n pínnì, ìyẹn àwọn eyín tó máa wọ àárín ìrù. Ẹ̀yìn dúrọ́wà la máa kàn dè sínú fáìsì, kí orí rẹ̀ kọjú sókè. A óò tẹ́ ẹ̀gbẹ́ tá a ti gé lé e, inú rẹ̀ sísàlẹ̀, ìlà ìdí rẹ̀ sì bá etí inú ẹ̀yìn dúrọ́wà mu. Ọ̀bẹ mímú la óò wá fi tọ ẹ̀gbẹ́ ìrù kọ̀ọ̀kan. Bí ìrù bá fì ní 1:5, pínnì rẹ̀ á fì ní 1:5. Bí ọ̀kan bá fì ní 1:9 torí pé ọwọ́ yín gbọ̀n, pínnì yẹn náà á fì ní 1:9. Igi kan ló ń sọ ìwọ̀n fún èkejì. Àṣìṣe yín nínú ìfìsẹ́gbẹ̀ẹ́ ti parẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ gúlù.

Àṣìṣe tí kì í parẹ́ ni ìlà tó gba orí pátákó kọjá. Síkúẹ̀ la fi ń fa ìyẹn, tààrà láti inú dé ìta. Ọ̀bẹ máa ń tọ ojú inú nìkan, torí náà kò mọ̀ bóyá ayùn yẹ̀ kó tó dé ìta. Bí ìrù bá fẹ̀ díẹ̀ lóde ju inú lọ, pínnì á kọ́kọ́ wọlé bí ẹni tí kò níṣòro, ó wá há nígbà tó bá dé àárín, tẹ́ ẹ bá sì fi òlù gbá a, ẹ̀gbẹ́ dúrọ́wà á là. Bí ìrù bá tín-ínrín lóde, á wọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ ó sì máa yọ̀, títí ẹ ó fi yí i padà tẹ́ ẹ máa rí àlàfo dúdú lójú ìta.

Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀. Dúrọ́wà àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, irin 1:8 ni mo fi fa gbogbo ìlà, ó mọ́ bí ìwé. Àlàfo mẹ́rin ló ní lóde, gbogbo wọn ní ọwọ́ ọ̀tún ìrù, torí pé ọ̀tún ni ayùn mi máa ń fì sí. Mo fi ìyẹ̀fun pákó àti gúlù dí i. Ọ̀gá mi kàn wò ó, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi síkúẹ̀ fa ìlà orí, ẹ fi ojú ṣe ìyókù bó ṣe wù yín. Ẹ gbé ayùn lé ìlà orí, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ títí ipa rẹ̀ á fi gba orí já tààrà, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó fì sọ̀kalẹ̀. Ní ti pínnì, ẹ gé ní ẹ̀gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa dà nù, kí ìlà ọ̀bẹ ṣì hàn lára pínnì. Ẹni tó bá fi ayùn jẹ ìlà yẹn tan, ìwọ̀n ipa ayùn náà ni àlàfo rẹ̀ á jẹ́.

Ó dáa, mo gbà pé ó ní ibi tó mọ. Bí ìrù bá fì jù, bíi 1:3, igun rẹ̀ á máa ṣẹ́ kúrò torí ìṣan igi ibẹ̀ kúrú. Bí kò bá sì fì rárá, gúlù nìkan ló kù. Àárín méjèèjì gbòòrò gan-an.

Mo mú ọmọkùnrin yẹn lọ sídìí arère mi. Mo gé ìrù mẹ́ta níwájú rẹ̀, mi ò fa ìlà kankan àfi ti géèjì àti ti síkúẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fì yàtọ̀. Mo tọ pínnì, mo gé e, mo fi ṣísẹ́lì gbẹ́ àárín wọn, mo kì wọ́n bọnú ara wọn láìfi gúlù sí i. Mo ní kó di ẹ̀yìn mú, kó fa ẹ̀gbẹ́. Ó fà á títí ó fi kẹ́sẹ̀ ti bẹ́ǹṣì. Kò jáde.

Ó gé tirẹ̀. Ọ̀kan há ní àárín. Ó yọ ọ́, ó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi síkúẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ìrù náà, ó wá sọ fúnra rẹ̀ pé, "Ó yẹ̀ sóde, ẹ̀gbọ́n."