Ímeèlì wà lọ́wọ́ mi, owó ṣì ń lọ

Fúnmi Bódìjà: Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbà mí o. Mo fòpin sí ìforúkọsílẹ̀ mi ní jíìmù kan lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, wọ́n sì fi ímeèlì fèsì pé wọ́n ti gbọ́. Síbẹ̀ wọ́n yọ ₦15,000 lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹrin, wọ́n tún yọ ọ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Kí ni kí n ṣe?

Àkàndé Mọ́kọ́lá: Bulọ́ọ̀kì káàdì rẹ lórí áàpù. Ó parí.

Ìyá Ìbejì Ṣángò: ₦15,000 lóṣù kan torí eré ìdárayá! Òkè Máàpó wà níbẹ̀ tí ẹ lè máa gùn láàárọ̀.

Tìsà Agodi: Fúnmi, má tíì bulọ́ọ̀kì nǹkan kan. Kọ́kọ́ wo státímẹ́ǹtì rẹ. Kí ni wọ́n kọ síwájú owó náà? Mo ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà ní báǹkì, ibẹ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ káàdì ni wọ́n fi ń yọ ọ́, bulọ́ọ̀kì lè dá a dúró. Àmọ́ tó bá jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì lo fún wọn, tí o sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yọ owó lóṣooṣù, káàdì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. O lè pààrọ̀ káàdì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á ṣì máa yọ ọ́.

Àkàndé Mọ́kọ́lá: Tìsà, mo bulọ́ọ̀kì tèmi lọ́dún tó kọjá, kò yọ mọ́. Ẹ má fi àlàyé dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

Tìsà Agodi: Káàdì ni tìẹ, Àkàndé. O ò tíì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Àkàndé Mọ́kọ́lá: Owó ni owó!

Sikirá Alákàrà: Èmi náà jẹ irú ìyà yìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta dátà. Nọ́ńbà ẹ̀sùn lásán ni wọ́n fún mi, mo rò pé ìyẹn ni ẹ̀rí pé ó ti parí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi yọ owó mi. Nígbà tí mo pariwo, wọ́n ní àwọn kàn gba ìbéèrè mi ni, àwọn ò tíì fòpin sí nǹkan kan.

Tìsà Agodi: Sikirá ti sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Fúnmi, kí gan-an ni ímeèlì rẹ sọ?

Fúnmi Bódìjà: Ó ní: “Ìforúkọsílẹ̀ yín yóò parí lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta, a ò ní gba owó kankan lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà.” Ní ti státímẹ́ǹtì, `DIRECT DEBIT` ni mo rí, lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Bọ́lájí Òjòó: Mo mọ sójà kan ní báréèkì. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ní jíìmù yẹn.

Tìsà Agodi: Bọ́lájí, jọ̀wọ́, má sọ ẹni tó jàre di ẹlẹ́bi.

Fúnmi, `DIRECT DEBIT` túmọ̀ sí pé inú àkáǹtì rẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ pẹ̀lú àṣẹ tí o fọwọ́ sí, kì í ṣe káàdì. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n yẹn ni agbára rẹ. Owó oṣù Kẹrin àti ti oṣù Karùn-ún wá lẹ́yìn rẹ̀, ₦30,000 ni gbogbo rẹ̀. Má fi ti oṣù Kẹta kún un, torí o ṣì wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Kọ lẹ́tà sí báǹkì, kó ní ohun méjì nínú. Èkíní, pé o gba àṣẹ ìyọwó náà padà, kí wọ́n má san án mọ́. Èkejì, pé kí wọ́n bá ọ gba owó méjèèjì padà. So ímeèlì yẹn àti ojú ewé státímẹ́ǹtì mọ́ ọn, kí o sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Àwọn èèyàn máa ń béèrè owó, wọ́n á gbàgbé àṣẹ náà, oṣù tó ń bọ̀ á tún dé bá wọn. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí jíìmù náà.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì ò yanjú rẹ̀, kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng, kí nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn wà nínú rẹ̀. Ti jíìmù fúnra rẹ̀, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Àkàndé Mọ́kọ́lá: Ọ̀sẹ̀ méjì! Ta ló ń dúró de báǹkì? Kó kó owó kúrò nínú àkáǹtì yẹn, kí wọ́n bá òfìfo.

Tìsà Agodi: Owó oṣù rẹ̀ ń kọ́? Inú àkáǹtì yẹn náà ló ń wọlé sí.

Àkàndé Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin báǹkà, ara yín lẹ máa ń gbè lẹ́yìn.

Tìsà Agodi: Mo ti fẹ̀yìn tì, Àkàndé. Ẹ̀yìn ta ni mo fẹ́ gbè?

Ìyá Ìbejì Ṣángò: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gáàrì tó gbẹ dáadáa ní Bódìjà?

Sikirá Alákàrà: Ẹ wọ ọjà lọ, Ìyá Ìbejì, lọ́wọ́ àárọ̀.

Fúnmi Bódìjà: Ẹ ṣeun, Tìsà. Mo ti tẹ ímeèlì náà jáde. Dùgbẹ̀ ni ẹ̀ka báǹkì mi wà, mo ń lọ lọ́la láago mẹ́jọ.

Tìsà Agodi: Mú ẹ̀dà méjì lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ rẹ.

Àkàndé Mọ́kọ́lá: Kó ṣáà BULỌ́Ọ̀KÌ káàdì yẹn!