Ibà tí kò lọ lẹ́yìn òògùn kẹ́míìsì: ṣé táífọ́ọ̀dù ni?

Àdùkẹ́ Mókọ́lá: Ẹ jọ̀wọ́, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22 tí ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ti wà lórí àìsàn fún ọjọ́ mọ́kànlá báyìí. Ibà ń ṣe é, orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún, kò lè jẹun, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé a ń dì í mú kí ó tó dé ilé ìwẹ̀. Ó lo òògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kò gbọ́. Láàbù kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọ "O 1/160" sínú ìwé fún wa pé táífọ́ọ̀dù ni, a sì ra sípírò tí ó lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibà náà tún padà ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ṣé kí a pààrọ̀ òògùn ni, àbí kí a tún àyẹ̀wò yẹn ṣe?

Bàbá Kẹ́míìsì: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta òògùn, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣòro rárá. Ìwé ti sọ pé táífọ́ọ̀dù ni, nítorí pé láti 1/80 ni a ti ń kà á sí àìsàn, tirẹ̀ sì ti kọjá ibẹ̀. Òògùn ni kò tó. Kò sí ẹni tí ó ń fi ọjọ́ mẹ́ta wo táífọ́ọ̀dù. Ọjọ́ méje ni ó kéré jù, ó sì lè tó mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá sípírò náà lọ, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ kún un, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti mọ̀ bóyá ó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Láàbù: Bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ nípa ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n nọ́mbà yẹn kò lè ru ẹrù tí ẹ gbé lé e. Àyẹ̀wò Wídáàlì ni wọ́n ṣe fún un. Àyẹ̀wò yìí, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1896, kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn èròjà tí ara ń pèsè láti fi bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá, àwọn èròjà wọ̀nyí kì í sì í tètè kúrò lára. Ẹni tí ó ti ní àrùn náà rí lè ní wọn, ẹni tí kòkòrò mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ kọ lù lè ní wọn, kódà ibà ẹ̀fọn lásán lè mú kí àyẹ̀wò náà yọ. Ní àdúgbò wa níbi tí kòkòrò wọ̀nyí ti wọ́pọ̀, bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le wò lónìí, a ó rí ọ̀pọ̀ nínú wọn tí yóò ní 1/80, 1/160 pàápàá kò sì jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu. Ẹni tí ó ní táífọ́ọ̀dù gan-an ẹ̀wẹ̀ lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí ó má yọ rárá, nítorí pé ara kò tíì pèsè èròjà náà tó. Bí ó bá máa ní ìtumọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó gba ẹ̀jẹ̀, kí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá wà láàárín wọn, kí nọ́mbà kejì sì tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Títí di ìgbà yẹn, ta ni yóò dúró? Lílo Wídáàlì láti mọ̀ bóyá ó ti lọ kò sì tọ̀nà, nítorí pé nọ́mbà náà lè wà lókè fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn ti gbádùn.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú: Mo dúpẹ́ pé ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Èmi gan-an, táífọ́ọ̀dù ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé. Kò sí ọdún tí kì í yọ bí mo bá ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ̀yìn bá ti ń dùn mí, tí oorun kò sì dá, mo ti mọ̀ pé òun ni. Àgbo ni mo máa ń lò: èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, ewé dóńgóyárò àti omidùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mo ti ń lọ sọ́jà. Ẹ fún ọmọ náà ní àgbo, ẹ má fi sípírò ba ikùn rẹ̀ jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Aláṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ sọ yìí yàtọ̀ sí ohun tí arábìnrin wa bèèrè. Ẹ̀yìn dídùn àti àìrí oorun sùn láìsí ibà kì í ṣe táífọ́ọ̀dù, ohun tí Ọmọ Láàbù sì ṣàlàyé tán yìí ni ó ń mú kí nọ́mbà yín yọ lọ́dọọdún. Ara tí yóò yá fúnra rẹ̀ ni àgbo ń bá pàdé lọ́nà, òun ni ẹ sì ń yìn.

Ti ọmọkùnrin yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà táífọ́ọ̀dù kì í sábà dé lójijì. Ó máa ń gùn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ti ìrọ̀lẹ́ máa ń ga ju ti òwúrọ̀ lọ, títí yóò fi wá dúró sókè tí kò ní í sọ̀kalẹ̀ mọ́. Orí fífọ́ àti àìlèjẹun máa ń bá a rìn. Inú a máa run, ahọ́n a máa funfun, ìgbẹ́ àgbàlagbà sì lè má yà rárá fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó di pé ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Nígbà mìíràn, ara á gbóná gan-an, síbẹ̀ ọkàn kò ní í sáré tó bí a ti retí. Bí irú èyí bá ti kọjá ọjọ́ mélòó kan, tí òògùn ibà tí ó péye kò sì ṣiṣẹ́, dókítà yóò fura sí táífọ́ọ̀dù. Ìfura lásán ni o, nítorí pé àwọn àìsàn mìíràn lè jọ ọ́ délẹ̀. Àwa tí a wà ní apá Oǹdó kò lè gbàgbé ibà Lásà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ti kọ́kọ́ lo òògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù nílé. Àdùkẹ́, ṣé ọ̀fun ń dùn ún? Ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbikíbi? Ṣé eku wà nínú ilé tí ó ń sùn?

Àdùkẹ́ Mókọ́lá: Ọ̀fun kò dùn ún, kò sì ṣẹ̀jẹ̀. Eku wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, n kò lè purọ́. Kò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí kò yé mi ni pé, bí sípírò kò bá bá àrùn náà mu, kí ló dé tí ara rẹ̀ fi kọ́kọ́ fúyẹ́?

Nọ́ọ̀sì Aláṣẹ́: Ṣé ó ń lo parasitámọ́ọ̀ pẹ̀lú rẹ̀?

Àdùkẹ́ Mókọ́lá: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Àná ni ó tán.

Nọ́ọ̀sì Aláṣẹ́: Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé parasitámọ́ọ̀ ni ó ń tẹ ibà náà mọ́lẹ̀. Òògùn tí ó bá táífọ́ọ̀dù mu gan-an lè lò tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibà tó sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ara tí ó fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì kò jẹ́rìí pé sípírò ń ṣiṣẹ́, ibà tí ó padà ní ọjọ́ kẹta kò sì jẹ́rìí pé kò ṣiṣẹ́. Ibi tí ìtọ́jú ara ẹni ti ń bàjẹ́ nìyí: ènìyàn á dá òògùn dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́, á sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ibà bá tún dé, kò sì sí òògùn kankan nínú gbogbo rẹ̀ tí ó lò pé.

Bàbá Kẹ́míìsì: Nọ́ọ̀sì, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè fún Ọmọ Láàbù. Bí Wídáàlì kò bá wúlò, kí ló dé tí ẹ̀yin ará láàbù ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láràárọ̀? Àwọn dókítà pàápàá ń kọ ọ́.

Ọmọ Láàbù: Ọ̀rọ̀ yín bá wa, Bàbá. Owó rẹ̀ kò pọ̀, èsì rẹ̀ kì í pẹ́, aláìsàn sì fẹ́ ìwé lọ́wọ́. Àyẹ̀wò tí ó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni èyí tí a ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò: fún àgbàlagbà, ó ń gba tó mílílítà mẹ́wàá, a ó sì dúró fún ọjọ́ méjì sí méje. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní i. Òun náà kò pé: nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ní táífọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni yóò gbé jáde. Sípírò ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì tún dín in kù, nítorí pé ó ti lè pa àwọn kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìpa àwọn tí ó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn egungun. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí kòkòrò bá hù, a lè dán òògùn wò lára rẹ̀ kí a mọ èyí tí ó ń pa á. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé òògùn kilorámífẹ́níkọ́ọ̀lù àti sẹ́pítírìnì kò ran kòkòrò yìí mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, agbára sípírò náà sì ti ń dín kù lára rẹ̀. Ní agbègbè Sindh ní Pakísítáànì, láti ọdún 2016, wọ́n rí irú èyí tí abẹ́rẹ́ sẹfitiráàsónì pàápàá kò ran mọ́.

Bàbá Kẹ́míìsì: Ẹni tí kò ní owó àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí ó jókòó máa wo ìgò ni? Dókítà ní jẹ́nẹ́rà yóò wò ó lójú, yóò sì kọ òògùn fún un, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe.

Nọ́ọ̀sì Aláṣẹ́: Dókítà lè bẹ̀rẹ̀ òògùn kí èsì tó dé, n kò bá yín jà lórí ìyẹn, èmi gbà pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ná kí wọ́n tó fún un, níbi tí ìgò bá wà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé dókítà yóò tẹ ikùn rẹ̀ wò, yóò sì tún un wò lọ́la. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ọgbẹ́ tí kòkòrò náà dá sí ìsàlẹ̀ ìfun kékeré lè ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ihò sí ìfun náà. Ọmọkùnrin yìí ti wà nínú ọ̀sẹ̀ kejì. Bí inú bá ro ó lójijì, tí ikùn le gbagidi, tí ó ń bì, tí ọkàn ń sáré, iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà á là. Èyí tí ó máa ń tan àwọn ará ilé jẹ ni pé ara lè tutù ní wákàtí náà gan-an, wọn á sì máa dúpẹ́ pé ibà ti lọ. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà náà kì í ṣe ohun tí a ń fi sùn. Ẹ má sì fún un ní ohun tí yóò fi ipá lé ìgbẹ́ jáde.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú: Àgbo mi a máa lé ìgbẹ́ jáde o. Ẹ má fún un, Àdùkẹ́.

Ọmọ Láàbù: Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn lábẹ́ màíkírósíkóòpù. Àyẹ̀wò onílà tí wọ́n ń ṣe ní kẹ́míìsì lè máa fa ìlà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ibà ti kú.

Àdùkẹ́ Mókọ́lá: A ti dé jẹ́nẹ́rà láti àárọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò méjì kí wọ́n tó fi sẹfitiráàsónì sí ojú iṣan, wọn kò sì rí ibà ẹ̀fọn. Wọ́n ní ikùn rẹ̀ rọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Dókítà bèèrè nípa eku, ó tún mú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún ti Lásà. Èsì kò tíì dé. Ìyá wa ń ta ìrẹsì, ara wọn le. Ṣé kí wọ́n lo òògùn pẹ̀lú?

Ọmọ Láàbù: Kí wọ́n má lo òògùn lásán. Bí kòkòrò táífọ́ọ̀dù bá hù nínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín, ó yẹ kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ ìyá wò, bóyá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé kòkòrò náà lè máa gbé inú àpò òróòro ẹni tí kò ṣàìsàn, kí ó sì máa ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ.

Bàbá Kẹ́míìsì: Kí wọ́n dá ìrẹsì títà dúró títí èsì yóò fi dé?

Nọ́ọ̀sì Aláṣẹ́: Èmi yóò ní kí wọ́n dá a dúró. Ọmọ Láàbù lè má gbà.

Ọmọ Láàbù: N kò gbà tán. Kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa bu oúnjẹ fún oníbàárà títí a ó fi mọ ohun tí ó hù nínú ìgò.