Èsì wa fún Mọ́mì aláṣọ ní Gbági lórí áàpù tó ń falẹ̀

Ohun tí oníbàárà wa kọ:

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí áàpù ṣọ́ọ̀bù mi yára, ìbéèrè ni wọ́n ń dà bò mí bí ọlọ́pàá. Mo ní kí wọ́n ra sáfà tó tóbi, wọn ò rà á. Ojú-ewé kan péré ni wọ́n tún ṣe, wọ́n sì gbowó. Ó ṣì ń falẹ̀ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ mi kan. Ìràwọ̀ méjì."

Èsì wa:

Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó.

Nígbà tí a béèrè ibi tó ń falẹ̀, ẹ ní "gbogbo ẹ̀ ni." Bí nǹkan bá ti sú èèyàn, gbogbo ẹ̀ náà ló máa ń jẹ́, a ò bá yín jiyàn. A kàn yí ìbéèrè padà ni: kí lẹ ń ṣe gan-an nígbà tó bí yín nínú kẹ́yìn? Ẹ ní ọwọ́ alẹ́ ni, ẹ fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ "Gbèsè", ó ń yí, ó ń yí, ẹ ti kó aṣọ wọlé tán kó tó ṣí. Ojú-ewé tí ẹ fi ń tajà ńkọ́? Ẹ ní ìyẹn ò yọ yín lẹ́nu. Fóònù ọmọṣẹ́ yín ńkọ́? Bákan náà. Ọ̀rọ̀ fóònù ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. A ò sì lè di gbogbo ẹ̀ ru nẹ́tíwọ̀kì, torí nẹ́tíwọ̀kì kan náà ni ẹ fi ń tajà.

Èyí tó tú àṣírí ni ìgbà tí a bi yín pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní rárá o, ìgbà tí àwọn èèyàn ń gba aṣọ ẹbí láwìn ló bẹ̀rẹ̀. Ó wá jọ pé bí orúkọ ṣe ń pọ̀ ló ń wúwo. A ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun sórí áàpù náà, lórí fóònù yín, a kọ orúkọ márùn-ún péré sí i: "Gbèsè" ṣí lójú ẹsẹ̀. A wá lọ wo àkọsílẹ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fóònù yín ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ áàpù náà kí ẹ tó gbé e wá bá wa ṣe é kí fóònù kọ́kọ́ gba orúkọ gbogbo oníbàárà, kó tún máa padà lọ béèrè gbèsè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí orúkọ ò tíì ju ogún lọ, ta ni yóò fura? Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá di 300, tí àlọ àtàbọ̀ kan gba ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, odindi ìṣẹ́jú kan ti lọ.

Ìdí tí a ò fi ra sáfà ńlá nìyí. Bí ẹ bá ní ẹrù ní Dùgbẹ̀, tí ẹ ń rán ọmọ láti Gbági kó máa lọ mú ìdì aṣọ kọ̀ọ̀kan wá, ẹ̀ báà fi èèyàn mẹ́ta kún àwọn tó wà nílé ẹrù, ọ̀nà ò ní torí ẹ̀ kúrú. Sáfà ń dáhùn kíákíá, ojú ọ̀nà ni àkókò ń lọ sí. Oṣooṣù lẹ ó sì máa sanwó sáfà ńlá yẹn. Nísinsìnyí, fóònù ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sáfà á ṣírò gbèsè gbogbo wọn, á kó o fún un pọ̀.

Kì í sì í ṣe ojú-ewé kan péré, Mọ́mì. A bi yín pé báwo ló ṣe máa yára tó kó tó tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ò dárúkọ ìṣẹ́jú. Ẹ ní, "Bí ẹni tó fẹ́ gba àwìn bá dúró níwájú mi, kí n mọ iye tó ti jẹ kó tó kí mi tán." Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an niṣẹ́. Orúkọ 300 kọ́ lẹ nílò lásìkò yẹn, ti ẹnì kan ṣoṣo ni, ojú-ewé títà lẹ sì wà, ẹ ò sí lórí "Gbèsè". La bá fi àpótí ìwákiri síbẹ̀: ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ ẹni náà, gbèsè rẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ ò fi ẹnu ara yín bèèrè fún un.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ pátápátá, kò ní ṣí o. Kí fóònù máa tọ́jú gbèsè pamọ́ sínú ara rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, a ò tíì ṣe é, a ò sì gbowó rẹ̀.

Ní ti ọmọṣẹ́ yín, a wo sáfà láàárọ̀ yìí. Fóònù kan ní ṣọ́ọ̀bù yín ṣì ń béèrè gbèsè lọ́kọ̀ọ̀kan, áàpù ti àtijọ́ ló wà lórí ẹ̀. Ẹ ní kó ṣe ọ́púdéètì kó tó tún tẹ "Gbèsè". Bí ààyè ò bá sí lórí fóònù náà, kó kọ́kọ́ pa fídíò díẹ̀ rẹ́.