Kọ́bọ̀ mẹ́ta tó lé lórí owó-orí ìnfọ́ìsì yín: èsì wa

Ìràwọ̀ mẹ́ta: «Ọjà pé, kò sí èyí tó fọ́. Ṣùgbọ́n owó-orí orí ìnfọ́ìsì yín fi kọ́bọ̀ mẹ́ta ju èyí tí akáúńtáǹtì mi ṣírò lọ. Mo san iye tiwa, àmọ́ ojoojúmọ́ ni ètò yín ń kọ̀wé sí mi pé gbèsè ṣì kù lọ́rùn mi. Ta ló ṣírò ẹ̀ dáadáa nínú wa? Kí ló dé tí kọ́bọ̀ yín kì í dín láé, àfi kó máa lé?»

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. A dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́ síta, torí àwọn oníbàárà mìíràn tí ń ra ọjà fún iléeṣẹ́ náà máa ń bá a pàdé.

Ìṣirò akáúńtáǹtì yín tọ̀nà, ti ètò wa náà kò sì ní àṣìṣe. Ibi tí oníkálùkù ti sọ ìdajì kọ́bọ̀ di odidi ló yàtọ̀. Ètò wa ń ṣe é lórí ìlà ọjà kọ̀ọ̀kan kó tó ro owó-orí pọ̀. Akáúńtáǹtì yín ro gbogbo owó ọjà pọ̀ ná, ó wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ìnfọ́ìsì.

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni ẹ rà, ₦1,845 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,225. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020 ni owó-orí ọjà ní Nàìjíríà ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí a bá yọ ìdá yẹn nínú ₦9,225, ó já sí ₦691 àti kọ́bọ̀ mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún ààbọ̀. Kò sí báńkì tó lè fi ìdajì kọ́bọ̀ ránṣẹ́, nítorí náà ètò wa kọ ₦691.88. Ìdajì kọ́bọ̀ ti lé níbẹ̀.

Ní ti ìdí tí kì í fi í dín, ọwọ́ ìdá 7.5 fúnra rẹ̀ ló wà. Tí owó ìlà kan bá jẹ́ náírà odidi tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, owó-orí rẹ̀ á parí sí ìdajì kọ́bọ̀ gẹ́ẹ́, kò ní jù bẹ́ẹ̀, kò sì ní dín. Owó-orí ₦1 jẹ́ kọ́bọ̀ méje ààbọ̀. Ti ₦3 jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlélógún ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ti ₦2 jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé, kò ṣẹ́ kù. Òfin tí a kọ́ nílé ìwé sì ni pé ìdajì á gòkè. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́kù orí ìlà yàtọ̀ síra ni, bí ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́bọ̀ níhìn-ín, ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ́hùn-ún, àwọn kan ì bá sọ̀kalẹ̀, àwọn kan ì bá gòkè, wọn ì bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn fún ọjà tí kọ́bọ̀ ti wà nínú iye owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ náírà odidi ni ọ̀pọ̀ ọjà wa, torí náà ìlà tó bá ní ìṣẹ́kù, òkè ló ń lọ. Kò sí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ wá bá a dọ́gba.

Ìlà méje ló wà lórí ìnfọ́ìsì yín. Yàtọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, suwíìṣì jẹ́ ₦6,825, gílóòbù ₦11,655, téèpù iná ₦1,305, páìpù ₦17,000, bọ́ọ̀sì wáyà ₦3,465, orí gílóòbù sì jẹ́ ₦6,165. Páìpù nìkan ni owó rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Àwọn mẹ́fà yòókù, ìdajì kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdajì mẹ́fà sì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta. Akáúńtáǹtì yín lè fi Excel rí i fúnra wọn, kí wọ́n to owó ìlà méjèèje sí D2 dé D8:

```
=SUMPRODUCT(ROUND(D2:D8*7.5/100,2))
=ROUND(SUM(D2:D8)*7.5/100,2)
```

Èyí òkè á mú 4173.03 jáde, ìyẹn tiwa. Èyí ìsàlẹ̀ á mú 4173 jáde, ìyẹn tiyín. Owó ọjà kan náà ni, ₦55,640, ìdá kan náà sì ni.

Èwo ló wá yẹ ká tẹ̀lé? Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn ètò ìṣirò owó ń lò, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ìjàngbọ̀n máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùtajà bá ń lo ọ̀kan, tí ẹni tó rajà ń lo èkejì, tí ètò méjèèjì sì ń retí pé kí owó bára mu dé orí kọ́bọ̀. Èrò tiwa fún àwọn tó ń rajà fún iléeṣẹ́ ni pé ìsàlẹ̀ ìnfọ́ìsì ló dára jù. Ẹnikẹ́ni tó bá wo àpapọ̀ owó ọjà lè yẹ owó-orí rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, kò ní láti máa tú ìlà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà sì ti wù kó pọ̀ tó, ibi kan ṣoṣo ni kọ́bọ̀ ti yí padà, nítorí náà ìyàtọ̀ kò lè ju ìdajì kọ́bọ̀ lọ. EN 16931, ìlànà tí ilẹ̀ Yúróòpù fi lélẹ̀ fún ìnfọ́ìsì orí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà yìí náà ló gbà: a ó ro àwọn ọjà tí ìdá owó-orí wọn jẹ́ ọ̀kan náà pọ̀, a ó wá ṣírò owó-orí lórí àpapọ̀ náà. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìdá kan náà yẹn o. Tí ọjà tí wọn kì í gba owó-orí lé lórí bá wà lórí ìnfọ́ìsì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ní owó-orí, ọ̀tọ̀ ni a ó ti ro ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro kan ló kù pẹ̀lú ọ̀nà yìí. Àwọn oníbàárà kan ń fẹ́ rí owó-orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, torí pé ọjà tí wọ́n rà yóò lọ sí ibi iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí a bá kọ ₦691.88, ₦511.88 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí a wá kọ ₦4,173.00 sísàlẹ̀, ẹni tó bá ro ìlà pọ̀ á ní a kò mọ ìṣirò. Ọ̀nà àbáyọ ni kí àpapọ̀ jẹ́ ọ̀gá, kí ìlà máa tẹ̀lé e. A kọ́kọ́ gé ìdajì kọ́bọ̀ orí gbogbo ìlà dànù: sọ́kẹ́ẹ̀tì di ₦691.87, téèpù di ₦97.87, àwọn yòókù náà bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ wọn á jẹ́ ₦4,172.97. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ló kù kó tó pé ₦4,173.00. A ó pín in ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ìlà tí ìṣẹ́kù wọn tóbi jù. Lórí ìnfọ́ìsì yín, ìṣẹ́kù àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba, nítorí náà àwọn ìlà tí owó ọjà wọn pọ̀ jù ló gbà á: gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti suwíìṣì. Báyìí, ẹni tó ro ìlà pọ̀ àti ẹni tó ṣírò láti ìsàlẹ̀ á pàdé lórí ₦4,173.00.

Èyí mú ọ̀rọ̀ ọjà dídá padà wá, ibẹ̀ sì ni kọ́bọ̀ ti tún máa ń sá jáde. Ká ní ẹ dá téèpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Tí a bá tún owó-orí wọn ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí ₦97.88, bẹ́ẹ̀ ₦97.87 ni a gbà lọ́wọ́ yín lórí ìlà yẹn. Nítorí náà a kì í tún un ṣírò. Ohun tó wà lórí ìlà ni a ń dá padà. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ dá wọn padà, ti àkọ́kọ́ àti ìkejì á gba ₦32.62, èyí tó kẹ́yìn á gba ohun tó ṣẹ́ kù, ₦32.63, ìlà náà á sì di òfo.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí má kàn gbà pé gbogbo ìyàtọ̀ ló jẹ́ ti kọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tó lè dé mọ. Ìyàtọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ ìlà wá kò lè ju ìdajì kọ́bọ̀ lọ́nà iye ìlà, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́ta ààbọ̀ fún ìlà méje. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan mìíràn ló fà á. Ẹ fi 0.075 pín ìyàtọ̀ náà, yóò sábà fi ohun náà hàn yín. Bí àpẹẹrẹ, tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦112.50, tí ẹ fi 0.075 pín in, ẹ ó rí ₦1,500. Ẹ wá wò ó bóyá owó tí a fi gbé ọjà wá jẹ́ ₦1,500, tí ẹnì kan gba owó-orí lé e, tí ẹnìkejì kò gbà á. Ẹ̀dínwó náà máa ń fa irú rẹ̀, tí ẹnì kan bá yọ ọ́ kó tó ṣírò owó-orí, tí ẹnìkejì yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀. Ẹ pè wá.

Ní ti ìnfọ́ìsì yín gan-an, ẹ má san kọ́bọ̀ kankan mọ́. A kò kàn fẹ́ pa gbèsè náà rẹ́ lórí ètò wa, torí owó-orí tí a bá kọ sórí ìnfọ́ìsì ni a ń kó jọ fún ìjọba kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀lé e. Bí a bá fi ₦4,173.03 sílẹ̀ nínú ìwé wa, tí ₦4,173.00 wà nínú tiyín, ìwé méjèèjì kò ní bára mu tí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò pọ̀. Nítorí náà a ti kọ kírẹ́díìtì nóòtì kọ́bọ̀ mẹ́ta, owó-orí nìkan ló kàn, owó ọjà ṣì wà ní ₦55,640. Àpapọ̀ di ₦59,813.00, iye tí ẹ san gẹ́lẹ́. Kí akáúńtáǹtì yín fi nóòtì náà mọ́ ìnfọ́ìsì náà nínú fáìlì.

A ti yí àkáǹtì yín sí ìṣirò ìsàlẹ̀ ìnfọ́ìsì. A tún ti sọ fún ètò wa pé, fún gbogbo oníbàárà, kó má ṣe kọ̀wé gbèsè sí ẹni tí owó rẹ̀ kò yàtọ̀ ju ìdajì kọ́bọ̀ lọ́nà iye ìlà. Òṣìṣẹ́ wa ni yóò máa yẹ irú rẹ̀ wò. Ìnfọ́ìsì yín àtijọ́ tí ẹ ti san, tí ó ṣì ń fi kọ́bọ̀ hàn bí gbèsè, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí àpótí ìránṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, a ó kọ nóòtì tirẹ̀ náà.