Owó ńlá nínú àkáǹtì kọ́ ló ń gba físà akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jókòó díẹ̀ ní káfé kan ní Lágéré, tàbí ní ìdí àwọn tó ń bá èèyàn ṣe físà nítòsí géètì Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ ó gbọ́ ọ: “Ẹ ṣáà jẹ́ kí owó wú nínú àkáǹtì, Ìlú Ọba ti dé nìyẹn.” Àwọn òbí gbà á gbọ́. Wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á yá owó lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá àwọn ọmọ Ifẹ̀ to fáìlì físà akẹ́kọ̀ọ́ Ìlú Ọba, mo sì ti rí àkáǹtì tí owó kún bámú tí físà kò jáde. Ti Ìlú Ọba nìkan ni mo ń sọ o. Kánádà àti Amẹ́ríkà ní òfin tiwọn.

Òfin yìí kò bèèrè pé kí ẹ lówó bí olówó ìlú. Iye kan wà tí wọ́n fẹ́ rí: owó ilé ìwé tó ṣẹ́kù fún ọdún àkọ́kọ́, àti owó oúnjẹ òun ilé fún oṣù mẹ́sàn-án. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, owó oúnjẹ òun ilé yìí jẹ́ 1,171 pọ́ùn lóṣù fún ẹni tí ilé ìwé rẹ̀ kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, 1,529 pọ́ùn sì ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Tó bá ti pé, ohun tó kù ni ọjọ́. Owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀ lé ara wọn, kó má sì lọ sílẹ̀ ju iye yẹn lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí státímẹ́ǹtì parí sí kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ san owó físà lórí ẹ̀rọ.

Ọmọkùnrin kan láti Ìrẹ́mọ gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ wá bá mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, mílíọ̀nù 45 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fi ìwé mi ránṣẹ́!” Òótọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ ká fi iye ti ìsinsìnyí ṣe ìṣirò rẹ̀. Owó ilé ìwé rẹ̀ jẹ́ 16,000 pọ́ùn, ó ti san 6,000, èyí sì hàn nínú CAS, ìwé ẹ̀rí ìgbàwọlé tí ilé ìwé fún un láti fi gba físà. Ó ku 10,000. Ilé ìwé náà kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ 10,539. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20,539 pọ́ùn. Ká ní pọ́ùn kan jẹ́ 2,000 náírà, iye tí wọ́n ń wá kò ju 41,078,000 náírà lọ. Mílíọ̀nù 45 sì jù ú lọ dáadáa.

Owó náà wọlé lọ́jọ́ kẹta oṣù keje. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ó yọ mílíọ̀nù márùn-ún láti fi yanjú ọ̀rọ̀ kan nílé. Ó ku 40 mílíọ̀nù. Lọ́jọ́ kejìlélógún ó dá a padà, ó ní kò sí ìyọnu. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti pa gbogbo ọjọ́ tó wà ṣáájú wọn rẹ́. Ìṣirò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láti ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje, ọjọ́ 28 rẹ̀ kò sì pé àfi ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ló ti sanwó físà. Ká ní 42 mílíọ̀nù péré ló ní tí kò sì fọwọ́ kàn án, ti owó kò ní dí i lọ́wọ́.

Náírà fúnra rẹ̀ tún ń dẹ pàkúté. Iye pọ́ùn lọ́jọ́ tí ẹ sanwó físà, bí OANDA, ìkànnì pàṣípààrọ̀ owó lórí ayélujára, bá ṣe gbé e jáde, ni wọ́n fi ń ṣírò. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ pé gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tó fi di ìparí oṣù kẹfà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, owó rẹ̀ ti kéré jìnnà. Èmi máa ń ní kí wọ́n fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí èyí, kì í ṣe torí kí aṣojú ìjọba lè rí i pé a lówó.

Èyí tó tún ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ “bàbá”. Níbí, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, bàbá ẹni náà ni. Àwọn ló lè rán ọmọ níléèwé láti kékeré. Lójú òfin yìí, àkáǹtì tiyín ni, tàbí ti òbí tó bí yín, tàbí ti alágbàtọ́ tí kọ́ọ̀tù yàn (ti ọkọ tàbí aya náà wà níbẹ̀). Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n bàbá kò kà, bó ti wù kó kún tó. Tí wọ́n bá fẹ́ ran yín lọ́wọ́, kí wọ́n fi owó náà sínú àkáǹtì yín, kí ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tó bá jẹ́ ti òbí, ẹ ó fi ìwé ẹ̀rí ìbí tí orúkọ òbí wà nínú rẹ̀ ti fáìlì, pẹ̀lú lẹ́tà tí òbí fi gbà pé kí ẹ lo owó náà. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kọ́ọ̀tù kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbé wá.

Àwọn tó ń yá èèyàn lówó àfihàn, tí wọ́n ń gba èlé lórí oṣù kan, ńkọ́? Owó náà kò sí ní ìkáwọ́ yín, àwọn tó ń yẹ físà wò sì lè kọ̀wé sí báńkì láti bèèrè. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi ìwé èké ránṣẹ́, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi tì í sẹ́yìn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ọ̀rọ̀ wọn sì ti ń bàjẹ́ jù. Ìbéèrè kò le: ta ló ń sanwó fún yín, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, báwo ni owó yìí ṣe wọlé lọ́jọ́ kan náà? Ọmọbìnrin kan tí mo bá múra, ìyá rẹ̀ ń tajà ní Odò Ògbé. Mo ní kó má há ohunkóhun sórí. A jókòó ti státímẹ́ǹtì ìyá rẹ̀, a fi ìka lé owó ńlá kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Ọ̀kan jẹ́ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyá rẹ̀ gbà, òmíràn jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tà. A wá ìwé ilẹ̀ náà àti ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n bi í, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ó sì lè dárúkọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí wọn yóò kọ́ ọ nínú kọ́ọ̀sì náà, àti ìdí tí kò fi kọ́ ọ níbí.

Ọmọ Ìrẹ́mọ bi mí bóyá òun lè ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Ó lè ṣe é láàárín ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí wọ́n fúnra wọn ṣe ni ìyẹn ń tún ṣe, tirẹ̀ kì í sì í ṣe àṣìṣe wọn. Nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo CAS, ó ní láti bẹ ilé ìwé fún òmíràn. Nígbà tí wọ́n fi dá a lóhùn, àyè oṣù kẹsàn-án ti kún. Oṣù kìíní ni wọ́n fún un, ó sì gbé káàdì báńkì rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kó bá òun tọ́jú rẹ̀.