Ìwé ìpè sí ìsìn ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì: ohun tó yẹ kí akọ̀wé ìjọ kọ́kọ́ kọ

Èrò ọkàn mi rèé lórí ìwé tí àwọn akọ̀wé ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń kọ bí olùṣọ́-àgùntàn bá fẹ́ fẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń kún fún àdúrà àti ìtàn ìgbésí ayé bàbá. Kí ojú tó dé ibi tí ọjọ́ àti aago wà, ìwé ti kún tán. Ìtàn bàbá ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ètò ìsìn, níbi tí èèyàn yóò ti fara balẹ̀ kà á. Iṣẹ́ ìwé ìpè ni pé kí ọmọ ìjọ mọ ìgbà tí yóò dé, ibi tí yóò dé sí, àti ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ rí báyìí: «A fi ìwé yìí pè yín síbi ìsìn ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì olùṣọ́-àgùntàn wa, ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2026, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú ilé ìjọsìn wa.» Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti òǹkà rẹ̀ papọ̀, kí ẹ sì fi kàlẹ́ńdà wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìwé bá sọ pé ọjọ́ Ìsinmi, tí òǹkà rẹ̀ sì jẹ́ 14, àwọn kan yóò wá ní Sátidé, àwọn mìíràn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe akọ̀wé lórí fóònù láti àárọ̀ dé alẹ́.

Kí ẹ tó yan ọjọ́ gan-an, ẹ wo ohun tó ń lọ nílùú. Ní ọdún 2025, ọjọ́ Ìsinmi 8 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ọjọ́ kan náà tí ìjọ ń ṣe Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìjọ tó bá fi ìsìn ìfẹ̀yìntì sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojú ọ̀nà kò ní gba àlejò rẹ̀. Ọjọ́ iléyá ni Ojúde Ọba ń tẹ̀ lé, kò sì dúró sójú kan lórí kàlẹ́ńdà wa. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà, ẹ rántí pé ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù bá wà, ọkọ̀ máa ń pọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ìjọ tó ń bọ̀ láti Èkó ni yóò fara gbá a.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ tẹ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Bí ìsìn bá jẹ́ 15 oṣù kọkànlá, kí a pín in ní 18 oṣù kẹwàá. Tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun tàbí ní Àbújá kò ní rí àyè gbà níbi iṣẹ́.

Ibi tí ìsìn ìdúpẹ́ ti máa ń gùn jù ni ìgbà tí ẹgbẹ́ ń jó jáde wá síwájú pẹpẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá bá wà nínú ìjọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ, láì tíì ka ẹbí bàbá àti àlejò mọ́ ọn. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ń jáde papọ̀, ìṣẹ́jú márùndínlógójì péré ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé méjì-méjì ni, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tí yóò jọ jáde. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa fẹ́ fi orin tirẹ̀ jáde, inú àwọn àgbà á sì bàjẹ́ bí a bá dá wọn dúró níwájú ìjọ.

Owó ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Kí ó wà nínú ìwé kejì, kí ó má ṣe wà nínú ìwé ìpè. Opó tí kò ní iye tí a dá lé ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rò pé a kò pe òun ni. Nínú ìwé kejì náà, kí orúkọ àkáǹtì jẹ́ ti ìjọ, kí ó má jẹ́ ti akápò, bó ti wù kí akápò náà ṣeé fọkàn tán tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn akọ̀wé ìjọ Áńgílíkà ṣọ́ra fún. Ẹnu iṣẹ́ ìjọ ni bàbá ti fẹ̀yìntì, kò fi oyè àlùfáà sílẹ̀. Ẹ má kọ «àlùfáà wa àná» sínú ìwé. «Olùṣọ́-àgùntàn wa tó ń fẹ̀yìntì» ló tọ́.

Ní ti ìbuwọ́lùwé, ẹ má mú un lọ fún bàbá. Ó máa ń buwọ́ lu ìwé ìjọ gẹ́gẹ́ bí alága ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ pe ènìyàn wá dúpẹ́ lórí ara rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ «ní orúkọ ìgbìmọ̀ ìjọ», kí ó buwọ́ lù ú, kí àwọn wọ́dìn náà sì buwọ́ lù ú lábẹ́ rẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù ẹni kan tí yóò máa dáhùn ìbéèrè sì wà nísàlẹ̀.